Aṣiwagáńdà àti Jínsẹ́ǹgì: Lórí Kí Ni Ìlérí Wọn Dúró Lé?

Àbúrò mi Àṣàkẹ́ kì í ṣe ẹni tó máa ń ráhùn. Nítorí náà, nígbà tó wọlé tọ̀ mí wá ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Sátidé kan, tó jókòó láì tú gèlè, tó sì sọ pé, "Ẹ̀gbọ́n mi, àyà mi ń lù kìkì, n kò sì rí oorun sùn mọ́," mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà ti wà lára rẹ̀ tipẹ́. Ó ṣí àpò rẹ̀, ó kó ike oògùn méjì lé orí tábìlì. Aṣiwagáńdà ni wọ́n kọ sí ara èkíní, jínsẹ́ǹgì sì ni wọ́n kọ sí ara èkejì. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan níbi iṣẹ́ ló tà wọ́n fún un. Ọ̀rẹ́ náà ṣàlàyé pé adapitójìn ni àwọn méjèèjì, pé wọn yóò lé másùnmáwo lọ, wọn yóò mú oorun wá lóru, wọn yóò sì tún fún un lágbára lọ́sàn-án. Àṣàkẹ́ ti lo aṣiwagáńdà fún ọ̀sẹ̀ márùn-ún. Kò tíì ṣí ike jínsẹ́ǹgì.

Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wò ó fún mi. Ṣé kí n fi èkejì kún un ni?"

Ẹ̀yin olùkàwé wa mọ̀ pé iṣẹ́ apoògùn ni mo ṣe ní ilé ìwòsàn kí n tó fẹ̀yìn tì. Ìbéèrè Àṣàkẹ́ ti ń dé ọ̀dọ̀ mi láti ọ̀dọ̀ ọ̀pọ̀ yín pẹ̀lú. Mo fẹ́ dáhùn rẹ̀ lẹ́kùn-ún rẹ́rẹ́ lọ́sẹ̀ yìí, kí n sì sọ ibi tí ọ̀rọ̀ àbúrò mi parí sí.

Ẹ jẹ́ kí a ti orí orúkọ náà bẹ̀rẹ̀, nítorí orúkọ ló ń ta ọjà náà. Adapitójìn kì í ṣe ọ̀rọ̀ àwọn baba ńlá Ṣáínà tàbí Índíà. Onímọ̀ oògùn kan ní Rọ́ṣíà, Nikoláì Lásárẹ́fù, ló dá ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ ní ọdún 1947. Ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀ ni pé bí oògùn kan bá wà tó ń bá àìsàn kan ṣoṣo jà, ó yẹ kí òmíràn wà tí yóò mú kí ara fúnra rẹ̀ le, kí ó lè fara da òtútù, ooru, iṣẹ́ àṣekára àti májèlé bákan náà. Ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀, Ísírẹ́lì Bẹ́rẹ́kímàn, tó ṣiṣẹ́ ní ìlú Fuladifọ́sítọ́ọ̀kì ní etíkun ìlà-oòrùn Rọ́ṣíà, gbé iṣẹ́ náà síwájú. Òun àti ẹnìkejì rẹ̀ la àmì mẹ́ta sílẹ̀ fún ohun tó bá fẹ́ jẹ́ orúkọ yìí. Èkíní, kò gbọdọ̀ pa ara lára. Èkejì, ó gbọ́dọ̀ mú kí ara lè dúró de onírúurú ìnira, kì í ṣe ẹyọ kan. Ẹ̀kẹta, ó gbọ́dọ̀ dá ara padà sí ipò tó yẹ, ì báà jẹ́ pé nǹkan ti lọ sókè jù tàbí pé ó ti wálẹ̀ jù.

Ọ̀kan lára ọ̀nà tí wọ́n fi dán an wò ni pé wọn yóò fún eku ní oje gbòǹgbò kan, wọn yóò sì jù ú sínú omi, kí wọ́n lè mọ bí yóò ti pẹ́ tó kó tó rẹ̀ ẹ́. Eku tó lo oje náà sábà máa ń lúwẹ̀ẹ́ pẹ́ ju èyí tí kò lò ó lọ. Iṣẹ́ gidi ni. Ṣùgbọ́n eku tó ń lúwẹ̀ẹ́ kí ó má baà kú kì í ṣe obìnrin ọmọ ọdún mẹ́rìndínláàádọ́ta tó ń ronú owó ilé ìwé ọmọ ní agogo méjì òru. Láti orí omi yẹn sí orí ibùsùn Àṣàkẹ́, afárá gígùn ló wà níbẹ̀, ẹnikẹ́ni kò sì lè fi orúkọ lásán kọ́ ọ.

Ẹ tún wo àmì ẹ̀kẹta yẹn dáadáa. Ohun tó ń gbé nǹkan sókè bó bá wálẹ̀, tó sì ń rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ bó bá ga, ìlérí tí a kò lè já nírọ́ ni. Bí o bá sùn, oògùn ló ṣe é. Bí o bá jí pẹ̀lú agbára, oògùn náà ló ṣe é. Ní ọdún 2008, àjọ tó ń rí sí oògùn ní ilẹ̀ Yúróòpù gbé ọ̀rọ̀ yìí yẹ̀wò, wọ́n sì sọ pé ìmọ̀ ìṣègùn kò tíì tẹ́wọ́ gba ọ̀rọ̀ adapitójìn, pé ìwádìí sí i ṣì kù kí ó tó lè dúró gẹ́gẹ́ bí irú oògùn kan. Wọn kò sọ pé àwọn egbòogi náà kò wúlò. Ohun tí wọ́n sọ ni pé orúkọ àpapọ̀ yẹn kò jẹ́rìí sí ohunkóhun. Nítorí náà, a óò fi orúkọ náà sílẹ̀, a óò sì wo gbòǹgbò kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀ọ̀tọ̀.

Aṣiwagáńdà jẹ́ igi kékeré kan tó wọ́pọ̀ ní Índíà, ó sì bá tòmátì àti ìgbá tan. Orúkọ tí ẹ óò rí lára ike ni Withania somnifera. Orúkọ Índíà náà túmọ̀ sí òórùn ẹṣin, nítorí bẹ́ẹ̀ ni gbòǹgbò rẹ̀ ṣe ń rùn. Àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ wọn ti ń lò ó tipẹ́tipẹ́. Àmọ́ ohun tí àwọn olùtajà ń tọ́ka sí lónìí ni ìwádìí tí a ṣe lára ènìyàn, mo sì fẹ́ kí a ṣí ọ̀kan lára wọn wò papọ̀, èyí tí wọ́n máa ń dárúkọ jù lọ.

Ní Índíà ni wọ́n ti ṣe é, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní ọdún 2012. Àwọn olùwádìí kó àgbàlagbà 64 jọ, àwọn tí másùnmáwo ti bá fínra fún ìgbà pípẹ́. Wọ́n pín wọn sí ọ̀nà méjì. Apá kan ń lo oje gbòǹgbò aṣiwagáńdà, 300 mìlígíráàmù lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́. Apá kejì ń lo kápúsù tó jọ ọ́ ní àwọ̀ àti ìrísí, ṣùgbọ́n tí kò ní oògùn kankan nínú. Ẹnikẹ́ni nínú wọn kò mọ èyí tí òun ń lò. Kí ni kápúsù òfìfo yìí wà fún? Ó wà nítorí pé ènìyàn tó gbà pé òun ń gba ìtọ́jú sábà máa ń gbádùn díẹ̀, àti nítorí pé másùnmáwo fúnra rẹ̀ máa ń lọ máa ń bọ̀. Ìyàtọ̀ tó bá wà láàárín apá méjèèjì nìkan ni a lè kà sí iṣẹ́ oògùn.

Lẹ́yìn ọgọ́ta ọjọ́, wọ́n fi ìwé ìbéèrè wọn bí ọkàn kálukú ṣe rí. Ní apá aṣiwagáńdà, iye másùnmáwo tí àwọn ènìyàn kọ sílẹ̀ ti fi ìdá 44 nínú ọgọ́rùn-ún dínkù. Ní apá kejì, ìdá 5.5 péré ló fi dínkù. Wọ́n tún wọn kọ́tísọ́ọ̀lù, họ́mónù kan tó máa ń pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ nígbà tí ara bá wà nínú ìnira. Ó fi nǹkan bí ìdá 28 dínkù ní apá kan, ó sì fi nǹkan bí ìdá 8 dínkù ní apá kejì.

Àbájáde tó dùn ún gbọ́ ni, n kò sì ní fojú kéré rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a kà á bí apoògùn ṣe ń ka ìwé. Ènìyàn 64 kò pọ̀. Bí a bá pín wọn sí méjì, kò ju èrò inú bọ́ọ̀sì kan lọ ní apá kọ̀ọ̀kan. Ọgọ́ta ọjọ́ kò sọ ohunkóhun fún wa nípa ẹni tó fẹ́ lò ó fún ọdún méjì. Ìdá 5.5 ti apá òfìfo yẹn tún yà mí lẹ́nu, nítorí nínú ìwádìí nípa ìdààmú ọkàn, àwọn tó ń lo òfìfo sábà máa ń gbádùn ju bẹ́ẹ̀ lọ. Bí apá òfìfo bá wálẹ̀ díẹ̀ jù, apá oògùn yóò ga lójú ju bó ṣe yẹ lọ. Ní ti kọ́tísọ́ọ̀lù, bó ṣe dínkù nínú ẹ̀jẹ̀ kì í ṣe ìwòsàn fúnra rẹ̀. Àmì lásán ni.

Ìwádìí mìíràn ti tẹ̀lé e, púpọ̀ nínú wọn kéré bákan náà, kò sì ju oṣù méjì sí mẹ́ta lọ. Àwọn tó ń ta oje náà ló pèsè rẹ̀ tàbí tí wọ́n náwó sí ọ̀pọ̀ nínú àwọn ìwádìí wọ̀nyí. Ìyẹn kò sọ wọ́n di irọ́, ṣùgbọ́n ó yẹ kí ó wà lọ́kàn wa. Ní ti oorun, àwọn olùwádìí kan kó ìwádìí márùn-ún pọ̀ ní ọdún 2021, tí àpapọ̀ ènìyàn inú wọn jẹ́ 400. Wọ́n rí i pé aṣiwagáńdà ran oorun lọ́wọ́ díẹ̀. Ìrànlọ́wọ́ náà hàn jù lára àwọn tí àìróorunsùn ń bá jà gan-an, tí wọ́n lo 600 mìlígíráàmù tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lójúmọ́, fún ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ ó kéré tán. Ohun tí ẹ̀rí náà gbé nìyí: ó ṣeé ṣe kí oje gbòǹgbò yìí dín másùnmáwo kù níwọ̀nba, kí ó sì ran oorun lọ́wọ́ díẹ̀, láàárín oṣù méjì sí mẹ́ta. Ẹni tó bá sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ ti kọjá ibi tí ìwádìí dé.

Ti jínsẹ́ǹgì yàtọ̀. Gbòǹgbò Kòríà àti Ṣáínà ni, orúkọ tí ẹ óò rí lára ike sì ni Panax ginseng. Láti inú ọ̀rọ̀ Gíríìkì tó túmọ̀ sí ìwòsàn gbogbo àrùn ni wọ́n ti mú apá kìíní orúkọ náà, bẹ́ẹ̀ ni ìlérí ti wọ inú orúkọ kí a tó ṣí ike. Wọ́n máa ń sin ín fún ọdún mẹ́rin sí mẹ́fà kí wọ́n tó wú u. Èyí tí wọ́n bá sá lásán ni wọ́n ń pè ní funfun. Èyí tí wọ́n bá fi ooru omi sè kí wọ́n tó sá a ni wọ́n ń pè ní pupa.

Àjọ oògùn ilẹ̀ Yúróòpù tí mo dárúkọ lẹ́ẹ̀kan gbà kí wọ́n ta gbòǹgbò yìí fún àárẹ̀ àti àìlera. Àwọn olùtajà fẹ́ràn láti sọ èyí. Ohun tí wọn kì í sọ ni ìdí tí àjọ náà fi gbà. Kì í ṣe ìwádìí ló fi ẹsẹ̀ rẹ̀ múlẹ̀, bí kò ṣe àṣà: ní ilẹ̀ wọn, bí egbòogi kan bá ti wà ní lílò fún ọgbọ̀n ọdún ó kéré tán, tí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún nínú rẹ̀ jẹ́ ní Yúróòpù, tí kò sì léwu ní ìwọ̀n tí wọ́n ń lò, wọ́n lè forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí oògùn ìbílẹ̀. Ìwé ara rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ sọ ọ́ gbangba pé lílò ọjọ́ pípẹ́ nìkan ni ìlérí náà dúró lé. Èyí kò ṣàjèjì sí wa. Ẹ wo ara ike egbòogi tó ní nọ́ńbà NAFDAC ní Nàìjíríà, ẹ ó rí gbólóhùn kan níbẹ̀ tó sọ pé àjọ náà kò tíì yẹ ìlérí náà wò. Nọ́ńbà yẹn kò túmọ̀ sí pé ẹnì kan ti fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé ó ń ṣiṣẹ́.

Ìlérí tí àwọn ọkùnrin ń tìtorí rẹ̀ ra jínsẹ́ǹgì jù ni ti okun orí ibùsùn. Ní ọdún 2021, ẹgbẹ́ Kọ́kírènì, tí iṣẹ́ wọn jẹ́ kíkó ìwádìí jọ kí wọ́n sì gbé wọn wọ̀n, wo ìwádìí mẹ́sàn-án tó ní ọkùnrin 587 nínú. Wọ́n fi jínsẹ́ǹgì wé kápúsù òfìfo. Nígbà tí wọ́n fi ìwé ìbéèrè wọn bí nǹkan ọkùnrin ṣe ń le tó, ìyàtọ̀ náà kéré débi tí kò ṣe pàtàkì. Àwọn ọkùnrin kan sọ pé ó túbọ̀ rọrùn fún àwọn láti bá aya wọn lò pọ̀, ṣùgbọ́n àwọn ìwádìí náà kò lágbára tó láti fọkàn tán pátápátá.

Ní ti àárẹ̀, ìwádìí tó dára jù tí mo mọ̀ wáyé ní Amẹ́ríkà, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní ọdún 2013. Àwọn 364 tí jẹjẹrẹ tàbí ìtọ́jú rẹ̀ ti tán lókun ló wà níbẹ̀, apá kan sì ń lo 2,000 mìlígíráàmù jínsẹ́ǹgì lójúmọ́. Ní ọ̀sẹ̀ kẹrin, kò sí ìyàtọ̀ tó dájú. Ní ọ̀sẹ̀ kẹjọ, orí òṣùwọ̀n tó parí sí ọgọ́rùn-ún, apá jínsẹ́ǹgì ti gbádùn sí i ní nǹkan bí ogún, apá òfìfo sì ní nǹkan bí mẹ́wàá. Àbájáde gidi ni, ṣùgbọ́n ẹ ṣàkíyèsí nǹkan méjì. Jínsẹ́ǹgì Amẹ́ríkà ni wọ́n lò, ọmọ ìyá ti Kòríà ni, kì í ṣe òun gan-an. Àárẹ̀ jẹjẹrẹ sì yàtọ̀ pátápátá sí àárẹ̀ ẹni tó ń jí ní agogo mẹ́rin ààbọ̀ kí ó lè bá ọkọ̀ lọ síbi iṣẹ́. A kò lè mú ẹ̀rí ẹnì kan ká fi jẹ́rìí fún ẹlòmíràn.

Ó wá ku àmì àkọ́kọ́ tí àwọn ará Rọ́ṣíà là sílẹ̀, pé adapitójìn kò gbọdọ̀ pa ara lára. Ibí yìí gan-an ni ọ̀rọ̀ Àṣàkẹ́ wà.

Mo bi í léèrè pé, "Oògùn wo ni o tún ń lò?" Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, èyí tí mo ń lò láràárọ̀ náà ni." Ó ti tó ọdún mẹ́fà tí dókítà ti sọ fún un pé táírọ́ìdì rẹ̀, ẹ̀yà ara kékeré tó wà ní iwájú ọ̀fun, tó máa ń wú bí ènìyàn bá ní gẹ̀gẹ̀, kò ṣiṣẹ́ tó mọ́. Láti ìgbà náà ló ti ń lo họ́mónù rẹ̀ ní hóró kan láràárọ̀. Mo gbé ike aṣiwagáńdà sókè. Ní ọdún 2018, àwọn olùwádìí ní Índíà fún àwọn tí táírọ́ìdì wọn rẹ̀ díẹ̀ ní 600 mìlígíráàmù lójúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ. Ènìyàn àádọ́ta ló wà nínú ìwádìí náà, họ́mónù táírọ́ìdì sì gòkè lára àwọn tó lo oje gbòǹgbò náà. Fún ẹni tí kò lo oògùn kankan, ìyẹn lè dà bí ìròyìn ayọ̀. Fún ẹni tí dókítà ti wọn iye họ́mónù rẹ̀ bí ẹni wọn wúrà, àfikún ni, àfikún yẹn sì lè mú kí àyà máa lù kìkì, kí ọwọ́ máa gbọ̀n, kí ènìyàn máa rù, kí oorun sì sá. Ohun tí àbúrò mi ń lò kí ó lè sùn ni ó ṣeé ṣe kó máa gba oorun lójú rẹ̀.

Mo ní kí ó dá a dúró lọ́jọ́ náà, kí ó má fọwọ́ kan hóró àárọ̀ rẹ̀ fúnra rẹ̀, kí ó sì gbé ike méjèèjì lọ bá dókítà rẹ̀ ní ọjọ́ Ajé. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ fi hàn pé họ́mónù náà ti kọjá ibi tó yẹ. Dókítà fi hóró rẹ̀ sílẹ̀ bó ṣe wà. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́fà láìsí aṣiwagáńdà, họ́mónù ti padà sí àyè rẹ̀, àyà sì ti balẹ̀. N kò lè búra pé aṣiwagáńdà nìkan ló fà á, nítorí ẹnì kan ṣoṣo kì í ṣe ìwádìí. Ṣùgbọ́n bó ṣe bẹ̀rẹ̀ àti bó ṣe parí bá ohun tí a mọ̀ mu.

Àwọn mìíràn wà tí ó yẹ kí wọ́n ṣọ́ra. Aṣiwagáńdà ti ba ẹ̀dọ̀ àwọn kan jẹ́; kò wọ́pọ̀, ṣùgbọ́n àwọn dókítà ní Áísílándì àti Amẹ́ríkà ti kọ ọ́ sílẹ̀. Àmì rẹ̀ ni kí ojú pọ́n bí àwọ̀ ìyeyè, kí ìtọ̀ dúdú, kí ara máa yún ènìyàn. Ẹni tó bá rí èyí kó dá a dúró, kó sì lọ sílé ìwòsàn lọ́jọ́ náà. Ní ọdún 2023, ìjọba Dẹ́nímáàkì fòfin de títà rẹ̀. Aláboyún kò gbọdọ̀ lò ó, ẹni tó ń lo oògùn oorun kò sì gbọdọ̀ fi kún un. Jínsẹ́ǹgì ní tirẹ̀ lè dènà oorun, ti Amẹ́ríkà sì ti dín agbára wọ́fáríìnì kù, oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì. Ẹni tó ń lo oògùn àtọ̀gbẹ náà ní láti ṣọ́ra, nítorí ṣúgà rẹ̀ lè wálẹ̀ jù.

Ní báyìí, bí ẹnikẹ́ni bá gbé ike wá bá yín, ẹ bi í ní ohun tí mo kọ́ Àṣàkẹ́ láti máa bi. Gbòǹgbò ni àbí ewé, mìlígíráàmù mélòó ló sì wà nínú kápúsù kan? Ta ni wọ́n dán an wò lára, fún ọjọ́ mélòó, kí ni wọ́n sì fi wé e? Lẹ́yìn náà, kí ẹ bi ara yín léèrè oògùn tí ẹ ti ń lò tẹ́lẹ̀. Bí ẹni tó ń tà á bá fèsì pé adapitójìn ni, kò tíì dáhùn ìbéèrè kankan.

Ike jínsẹ́ǹgì náà ṣì wà lórí àga nílé mi. Àṣàkẹ́ kò padà wá mú un. Nígbà tí mo pè é lórí fóònù ní ọjọ́bọ̀, ó ní òun ti sùn láti agogo mẹ́wàá di agogo márùn-ún àárọ̀, àti pé kí n bá òun dá ike náà padà fún ọ̀rẹ́ òun.